Ojú ewé 22 di póstà A0: bí a ṣe ń gbé rípọ̀ọ̀tù lábù kẹ́mísírì lọ sí ìpàdé

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹta ni mo wà ní ẹ̀ka kẹ́mísírì. Wọ́n gba iṣẹ́ mi wọlé fún ìpàdé àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì, wọ́n sì ní kí n gbé póstà A0 wá, lóòró. Rípọ̀ọ̀tù lábù ojú ewé 22 ni mo ní, lórí bí fítámì C inú omi ọsàn ṣe ń dín kù lórí tábìlì àti nínú fíríìjì. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí ojú ewé kan, ó wá rí bí ìwé ìròyìn àtijọ́. Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sílẹ̀, kí sì ni mo lè ṣe tí àwòrán kò fi ní bàjẹ́ lọ́dọ̀ atẹ̀wé? Mo ti fi rípọ̀ọ̀tù náà ránṣẹ́ sí yín.*

Àbúrò mi, mo ti kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé o fẹ́ fún rípọ̀ọ̀tù pọ̀ kó lè gba inú póstà. Olùkọ́ tí o kọ rípọ̀ọ̀tù fún jókòó ni, bírò pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wò ó bóyá o ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí o ṣe. Ẹni tí yóò dúró níwájú póstà rẹ ń kọjá lọ ni, ó ṣeé ṣe kí ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, póstà ẹlòmíràn sì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ. Gíráàfù kan ló máa kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ ni yóò ti pinnu bóyá kí òun dúró. Nítorí náà, gíráàfù yẹn gan-an ni póstà rẹ. Ohun gbogbo tó kù lórí bébà náà, ìránṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n.

Má tíì tan kọ̀ǹpútà. Mú bébà kan, kí o kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí o fẹ́ kí ẹni náà rántí tó bá délé. Inú téébù tó wà lójú ewé 14 ni mo ti rí tìrẹ. Nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọsàn náà, 20 mL rẹ̀ gba 11.40 mL áyódíìnì. Áyódíìnì rẹ jẹ́ 0.0050 mol/L, ó sì ń bá fítámì C ṣiṣẹ́ ní mólù kan sí mólù kan:

C₆H₈O₆ + I₂ → C₆H₆O₆ + 2HI

Mólù kan fítámì C wọn 176.12 gíráàmù, nítorí náà mílílítà kọ̀ọ̀kan tó bọ́ láti inú buréètì rẹ dúró fún 0.88 mílígíráàmù. Ìyẹn ni pé 10.04 mílígíráàmù ló wà nínú 20 mL, tàbí 50.2 nínú 100 mL. Lẹ́yìn wákàtí 72, omi ọsàn orí tábìlì gba 7.80 mL péré, èyí tó jẹ́ 34.3 mg nínú 100 mL. Ti inú fíríìjì gba 10.60 mL, èyí tó jẹ́ 46.7. Èyí orí tábìlì ti pàdánù ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún, ti fíríìjì sì pàdánù ìdá 7. Ohun tí o rí nìyẹn. Lójú ewé 19 ni o fi í pamọ́ sí, láàárín ìpínrọ̀ kan tó gùn, bí ẹni fi owó pamọ́ sábẹ́ ẹní.

Wo àkọlé tí o fún rípọ̀ọ̀tù: “Ìwádìí Nípa Ipa Àkókò àti Ìwọ̀n Ooru Lórí Fítámì C Inú Omi Ọsàn Nípa Títíréṣọ̀n Áyódíìnì”. Ohun tí o ṣe ló sọ, kò sọ ohun tí o rí. Àkọlé póstà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí o rí, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní ka ju òun lọ. Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí: “Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ọsàn orí tábìlì pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta fítámì C rẹ̀, ti inú fíríìjì pàdánù ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún”. Má kọ “Fíríìjì ń dáàbò bo fítámì C”. Omi ọsàn kan ni o dán wò, fún ọjọ́ mẹ́ta, nínú fíríìjì kan. Kí àkọlé má tóbi ju iṣẹ́ lọ.

Ní ọdún 2019, Mike Morrison, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà fún oyè dókítà nínú ìmọ̀ ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Míṣígànì ní Amẹ́ríkà, gbé irú póstà kan jáde tí gbólóhùn àbájáde fi gba gbogbo àárín rẹ̀, tí àlàyé yòókù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tínínrín. Ó gbajúmọ̀, mo sì fara mọ́ ìdí tó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n oníkẹ́mísírì ni wá. Bí a bá rí gbólóhùn ńlá láìsí dátà nítòsí, a ó kọ́kọ́ fura ni. Fi gbólóhùn náà ṣe àkọlé, kí o sì jẹ́ kí gíráàfù gba àárín.

Wàyí o, yíyọ. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mú níbí. Ojú ewé méjì tí o kọ lórí Albert Szent-Györgyi, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1937, dùn ún kà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ̀ wá wo póstà rẹ mọ̀ ọ́n. Yọ ọ́. Yọ àkójọ irinṣẹ́; kò sí oníkẹ́mísírì tó fẹ́ kà pé o lo bíkà àti fọ́nẹ́ẹ̀lì. Yọ ìṣirò tí o ṣe ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Ìdọ́gba kan ṣoṣo tí mo kọ sókè yẹn tó. Yọ téébù buréètì, èyí tó ní ìbẹ̀rẹ̀, òpin àti ìyàtọ̀ fún títíréṣọ̀n mẹ́rin mẹ́rin. Mo mọ̀ pé òun ló gba òógùn jù lọ lára rẹ, yóò sì dùn ọ́. Máa tọ́jú rẹ̀, a máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìfáàrà rẹ kò gbọ́dọ̀ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ìkíní sọ ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀: atẹ́gùn ọ́síjìn àti ooru máa ń ba fítámì C inú omi èso jẹ́. Ìkejì sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní gidi: àwọn tó ń fún ọsàn tà máa ń gbé e sórí tábìlì láti àárọ̀ títí di alẹ́, nígbà mìíràn ó tún máa ń sùn mọ́jú. Ìkẹta ni ìbéèrè rẹ: mélòó ló ń lọ, ṣé fíríìjì sì lè dín in kù? Ó parí. Áríyá kọ́ ni, a kì í ki àlejò ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá ka gbogbo ọ̀rọ̀ orí póstà náà nígbà tí o bá parí, kó wà ní nǹkan bí 400. Bí ó bá ti ń sún mọ́ 800, o tún ti ń kọ rípọ̀ọ̀tù nìyẹn.

Ọ̀nà tí o gbà ṣiṣẹ́ kò nílò ìpínrọ̀ rárá. Yà á. Àwòrán kékeré mẹ́rin tí ọfà so pọ̀: ọsàn 12 tí a fún pọ̀ sínú abọ́ kan, asẹ́, ìgò mẹ́fà, mẹ́ta lórí tábìlì ní nǹkan bí 30 °C, mẹ́ta nínú fíríìjì ní 4 °C, lẹ́yìn náà buréètì lórí fíláàsìkì kọ́níkà. Sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, kọ nọ́ńbà tí ẹlòmíràn yóò nílò bó bá fẹ́ tún un ṣe: 20.0 mL omi ọsàn, 1 mL sítáàṣì, áyódíìnì 0.0050 mol/L tí a fi sódíọ̀mù taiosọ́féètì yẹ̀ wò, títí àwọ̀ aró dúdú yóò fi dúró láìparẹ́. Ohun kan wà tí o fi gbólóhùn kan péré sọ lójú ewé 8 tí mo fẹ́ kó hàn gbangba lórí póstà: o bu omi ọsàn kún ìgò dé ọrùn kí o tó dé e. Ọ́síjìn ló ń jẹ fítámì C, nítorí náà bí àyè òfìfo bá wà nínú ìgò orí tábìlì tí kò sí nínú ti fíríìjì, ìyàtọ̀ tí o rí lè jẹ́ ti afẹ́fẹ́, kó má jẹ́ ti ooru. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan máa bi ọ́ nìyẹn. Jẹ́ kí àwòrán ìgò tó kún dé ọrùn dá a lóhùn kí ó tó la ẹnu.

Ó di orí gíráàfù. Èyí tó wà nínú rípọ̀ọ̀tù rẹ, òpó aláwọ̀ méjì ni, ó ní òjìji, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ eérú, ìlà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 30. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti 30 yẹn, òpó tó gbẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, ẹni tó bá sáré wò ó á rò pé gbogbo fítámì C ló ti tán. Kò tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ṣì wà. Bí àkókò bá ti wà nínú ọ̀rọ̀, ìlà ló yẹ, kì í ṣe òpó. Bẹ̀rẹ̀ láti òdo, parí rẹ̀ sí 60. Jẹ́ kí orí tábìlì jẹ́ róbótó dúdú lórí ìlà tí kò já, kí fíríìjì jẹ́ onígun mẹ́rin lórí ìlà gé-n-gé, kí ẹni tí ojú rẹ̀ kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Kọ “orí tábìlì” àti “fíríìjì” sí ẹ̀gbẹ́ ìparí ìlà wọn gan-an. Àpótí àlàyé tó máa ń wà ní kọ̀rọ̀ gíráàfù máa ń mú kí ojú máa lọ máa bọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nípa gíráàfù ni pé ènìyàn á ṣe é ní kékeré, á wá fà á tóbi. Lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ kì í wá dọ́gba pẹ̀lú lẹ́tà póstà mọ́. Ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n tí yóò fi jókòó sórí bébà. Bí o bá ń lo Python, bí tìrẹ yóò ṣe rí nìyí:

```python
import matplotlib.pyplot as plt
plt.rcParams["font.size"] = 30
t = [0, 24, 48, 72]
plt.figure(figsize=(20, 14))
plt.errorbar(t, [50.2, 44.5, 39.2, 34.3], yerr=0.2,
             fmt="o-", color="black", lw=4, ms=18)
plt.errorbar(t, [50.2, 48.9, 47.8, 46.7], yerr=0.2,
             fmt="s--", color="tab:blue", lw=4, ms=18)
plt.ylim(0, 60)
plt.savefig("graafu1.svg")
```

Íǹṣì ni `figsize`, nítorí náà gíráàfù náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 51, lẹ́tà 30 inú rẹ̀ yóò sì jẹ́ 30 gidi lórí póstà. Fi orúkọ ìlà méjèèjì àti ti àwọn ẹ̀gbẹ́ kún un. Fáìlì `.svg` kì í ní píksẹ́ẹ̀lì, bó ti wù kí atẹ̀wé fà á tó, etí rẹ̀ kò ní ya jágajàga. Bí Excel ni o fi ń ṣe tìrẹ, daakọ gíráàfù náà, kí o sì lo `Paste Special` lórí PowerPoint, yan `Picture (Enhanced Metafile)`. Má ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà. Mo bẹ̀ ọ́.

Nísinsìnyí, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí 0.2 tó wà níwájú `yerr` yẹn, ìyẹn igi àṣìṣe, ìlà kékeré tó ń fi hàn bí nọ́ńbà ṣe lè yẹ̀ tó, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ká àwa oníkẹ́mísírì mọ́. Yàtọ̀ sí àkọ́kọ́ tí o dà nù, o ṣe títíréṣọ̀n mẹ́ta fún ìgò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sún mọ́ra gan-an: 11.35, 11.40, 11.45. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 0.05 mL, èyí tó di nǹkan bí 0.2 mg nínú 100 mL. Ó kéré débi pé àmì róbótó náà yóò bo igi àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ó dára, ó fi hàn pé ọwọ́ rẹ dúró lórí buréètì. Ṣùgbọ́n kí ni igi àṣìṣe yẹn ń sọ? Bí ọwọ́ rẹ ṣe dúró ló ń sọ. Kò sọ bí ọsàn kan ṣe yàtọ̀ sí òmíràn, torí inú ìgò kan náà ni títíréṣọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá, inú abọ́ kan ṣoṣo sì ni gbogbo ìgò ti wá. O kọ `n = 3` sínú rípọ̀ọ̀tù. Ẹni tó bá rí i á rò pé o fún ọsàn nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. Bí ìpàdé bá ṣì jìnnà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ra ọsàn lẹ́ẹ̀mejì sí i lọ́wọ́ ọlọ́sàn mìíràn, tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa gbà. Igi àṣìṣe rẹ yóò ga sí i, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù, igi tòótọ́ nìyẹn. Bí àyè kò bá sí, kọ òtítọ́ sábẹ́ gíráàfù: “Ojú àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ àárín títíréṣọ̀n mẹ́ta láti inú ìgò kan, igi àṣìṣe kéré ju àmì lọ, ọsàn ìfún kan ṣoṣo ni a dán wò”. Gbólóhùn yẹn kò ní dín iṣẹ́ rẹ kù lójú ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n bá fúnra wọn hú jáde ló máa ń dín in kù.

Nígbà tí o wà níbẹ̀, fi ohun kejì kún un. Áyódíìnì kò mọ fítámì C lórúkọ. Ohunkóhun tó bá lè fún un ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló máa bá ṣiṣẹ́. Omi ọsàn tí o fúnra rẹ fún kò ní kẹ́míkà ìpamọ́, o bọ́ nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ti inú páálí tí wọ́n fi sọ́fáìtì sí ni o rà, nọ́ńbà rẹ ìbá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Apá kejì rẹ̀ tún wà: bí ọ́síjìn bá kọ́kọ́ mú ásíìdì áskọ́bíìkì, irú fítámì C tí áyódíìnì ń wọ̀n, yóò di dihaidro-askọ́bíìkì. Èyí kì í bá áyódíìnì ṣiṣẹ́ mọ́, síbẹ̀ ara ènìyàn ṣì lè lò ó bíi fítámì. Nítorí náà “pàdánù” tí o wọ̀n, pípàdánù ásíìdì áskọ́bíìkì gan-an ni. Nínú àkọlé, fítámì C kò burú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíráàfù, kọ ásíìdì áskọ́bíìkì. Gbólóhùn méjì nípa èyí ló yẹ kó wà nínú apá ìtumọ̀ àbájáde, kí ó sì rọ́pò ìpínrọ̀ tí o fi ń dárúkọ “àṣìṣe ojú nígbà tí a ń ka buréètì”. Gbogbo rípọ̀ọ̀tù ọdún kìíní ló ní àṣìṣe ojú yẹn, kò sì sí ẹni tó ń gbà á gbọ́ mọ́.

Ó wá yá ká tan kọ̀ǹpútà. Ṣètò ìwọ̀n bébà kí o tó gbé ohunkóhun lé e, torí bí o bá yí i padà lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Nínú PowerPoint, lọ sí `Design`, `Slide Size`, `Custom Slide Size`, kí o tẹ 84.1 cm fún fífẹ̀, 118.9 cm fún gíga. A0 nìyẹn. Fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sílẹ̀ ní gbogbo etí. Àkọlé gba òkè láti etí dé etí, orúkọ yín àti ti ilé ìwé wà lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ wọn, pín ibi tó kù sí méjì tí kò dọ́gba: òpó òsì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25, ìbéèrè àti àwòrán ọ̀nà ìṣiṣẹ́ ló máa wà níbẹ̀, ti ọ̀tún gba 51, kí nǹkan bí 3 ṣẹ́kù láàárín wọn, gíráàfù wà lókè rẹ̀, ìtumọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìwé tí o tọ́ka sí, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti ìdúpẹ́ wà ní ẹsẹ̀ póstà, ní lẹ́tà kékeré. Bí wọn kò bá ní kí o fi àkótán sí i, má fi í sí i. Póstà fúnra rẹ̀ ni àkótán.

Lẹ́tà àkọlé, 90 pọ́íntì. Àkọlé kékeré, 48. Ọ̀rọ̀ lásán, 32. Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, 26. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n tó, tẹ póstà náà sórí A4 lásán. A4 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin A0 ní fífẹ̀ àti ní gíga, nítorí náà lẹ́tà 32 yóò di 8 lórí rẹ̀. Mú un lọ́wọ́ bí ẹni ń ka ìwé. Ohun tí o bá lè kà lórí A4 láìfún ojú pọ̀, ẹni tó dúró sí òkèèrè díẹ̀ máa lè kà á lórí A0. Èyí tí o kò bá lè kà, gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù. Má dín lẹ́tà rẹ̀ kù. Owó bébà A4 kan ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí àyẹ̀wò tó dára jù ú lọ.

Fọ́tò méjì ni mo fẹ́ nínú mẹ́sàn-án tí o yà: fíláàsìkì kí àwọ̀ tó yí, àti lẹ́yìn tó yí. Fún fọ́tò tí yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25, ó kéré tán kó ní píksẹ́ẹ̀lì 1,500 ní fífẹ̀, kí ó lè ní 150 nínú íǹṣì kan. Fóònù rẹ ya ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti sọ̀ kalẹ̀. Ní kó tún un fi ránṣẹ́, kó yan `Document` dípò fọ́tò. PowerPoint náà máa ń fún fọ́tò pọ̀ láìsọ fún ọ. Lọ sí `File`, `Options`, `Advanced`, kí o sàmì sí `Do not compress images in file` kí o tó gbé fọ́tò kan sí i.

Àwòrán mólékù tún wà. O ya ásíìdì áskọ́bíìkì kan ní ojú ewé 3 àti dihaidro rẹ̀ ní ojú ewé 5, o wá fa ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ibi tó wù ọ́. Ọ̀kan ní ìdè tó gùn tó sì sanra, èkejì dà bí okùn aláǹtakùn. Ya méjèèjì pọ̀ lórí ojú ewé kan nínú ChemSketch, kó wọn pọ̀ di ọ̀kan, kí o wá fà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà láti igun. Nọ́ńbà inú fọ́múlà náà ńkọ́? Nínú téébù rẹ, C6H8O6 dúró gbọọrọ bí nọ́ńbà ọkọ̀; fa nọ́ńbà rẹ̀ wá sísàlẹ̀ kó di C₆H₈O₆. Lórí lẹ́tà 32, gbogbo ènìyàn ló máa rí i.

Fi í pamọ́ sí PDF, má gbé fáìlì PowerPoint fún atẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè má ní fọ́ǹtì tí o lò, àwọn lẹ́tà tó ní àmì ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà. Mo ti rí póstà kan tí ẹ̀ àti ọ́ inú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ di àpótí òfìfo, ní iwájú àwọn òbí rẹ̀. Ṣí PDF náà, lọ sí `File`, `Properties`, `Fonts`. Kí `Embedded Subset` wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan. Bí Linux ni o ń lò, èyí tó:

```
pdffonts posta.pdf
```

Ní ìsàlẹ̀ `emb`, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ `yes`. Nínú `Properties` kan náà, wo ìwọ̀n ojú ewé: 841 × 1189 mílímítà.

Àtẹ̀wé wá kù. Ní Ṣómólú àti níbi púpọ̀ tí wọ́n ti ń tẹ fílẹ́ẹ̀sì, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, wọ́n á ní “mẹ́ta lórí mẹ́rin ni, àbí?” A0 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2.76 lórí 3.90. Bí wọ́n bá fà á kó kún mẹ́ta lórí mẹ́rin, fífẹ̀ á lé ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, gíga á lé ní ìdá 3 péré. Èmi ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Póstà àkọ́kọ́ tí mo gbé jáde kún fún òrùka bẹ́ńsíìnì, gbogbo wọn sì sanra lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni jókòó lé wọn. N kò mọ̀ títí ọ̀gá kan fi bi mí bóyá bẹ́ńsíìnì tuntun ni mo ṣàwárí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi róbótó sẹ̀ǹtímítà 5 sí igun ìsàlẹ̀, ní àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, mo máa ń fi rúlà wọ̀n ọ́n ní ìbú àti ní òòró kí n tó sanwó. Sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí wọ́n jẹ́ kí funfun tó ṣẹ́kù wà ní etí, kí o sì gé e kúrò. Sọ fún wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n má lu ihò onírin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n máa ń ṣe é láìbéèrè, pátákó ìpàdé kò sì nílò rẹ̀.

Àwọ̀ kò ní rí bí ti ojú kọ̀ǹpútà. Iná ni kọ̀ǹpútà fi ń ya àwọ̀, tàdáwà ni atẹ̀wé fi ń ya tirẹ̀, nítorí náà búlúù tó ń tàn yanran yóò ṣú díẹ̀. Jẹ́ kí ẹ̀yìn póstà jẹ́ funfun. Àwọ̀ fíláàsìkì méjèèjì ni kí o dù fún: ní kí wọ́n tẹ ibẹ̀ nìkan sórí ẹ̀já kékeré kí wọ́n tó tẹ gbogbo rẹ̀, bí aró dúdú náà bá dà bí dúdú lásán, jẹ́ kí fọ́tò náà mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀, kí o tún PDF náà ṣe.

Téébù buréètì tí mo ní kí o tọ́jú ńkọ́? Tẹ̀ ẹ́ sórí A4 bó ṣe rí nínú rípọ̀ọ̀tù, pẹ̀lú títíréṣọ̀n àkọ́kọ́ tí o dà nù àti gbogbo rẹ̀, kí o sì fi í sínú fáìlì lọ́wọ́ rẹ. Nínú ogún ènìyàn tó máa dúró, ọ̀kan lè béèrè bóyá títíréṣọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Má ṣàlàyé, ṣáà na bébà náà sí i.